Featured lórí LinkedIn: ìbéèrè táwọn èèyàn ń béèrè ní Ifẹ̀ àti Iléṣà nípa bí wọ́n ṣe lè gbé iṣẹ́ wọn síbẹ̀

Ọ̀pọ̀ àwọn tí mo ń bá tún pírófáìlì wọn ṣe, ọmọ OAU ni wọ́n, àwọn kan ń ṣe agùnbánirọ̀, àwọn kan sì wà ní Iléṣà tí wọ́n ń gba iṣẹ́ kékeré kékeré lórí fóònù. Ìbéèrè wọn jọra gan-an, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ síbí lẹ́ẹ̀kan, kẹ́nikẹ́ni tó bá fẹ́ lè kà á.

Kí ni Featured yìí gan-an, ibo ló sì wà?

Tẹ́ ẹ bá ṣí pírófáìlì yín, ẹ máa rí fọ́tò àti orúkọ lókè, lẹ́yìn ìyẹn About, nísàlẹ̀ ibẹ̀ ni Featured máa ń wà, káàdì káàdì tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí kálukú ẹ̀ ní àwòrán àti àkọlé. Tí ẹ ò bá tíì fi nǹkan kan sí i, àlejò ò ní rí i rárá. About lẹ fi ń sọ pé ẹ mọ iṣẹ́ kan, Experience lẹ fi ń sọ ibi tẹ́ ẹ ti ṣe é, àmọ́ Featured lẹ fi ń gbé iṣẹ́ náà síwájú ẹni tó fẹ́ gbà yín kó fojú ara ẹ̀ rí i.

Láti ṣí i, ẹ lọ sí pírófáìlì yín, ẹ tẹ Add profile section, ẹ wo abẹ́ Recommended, ẹ tẹ Add featured. Tó bá ti ṣí, àmì + kan máa wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ó máa bi yín pé kí lẹ fẹ́ fi síbẹ̀: pósítì tẹ́ ẹ ti kọ tẹ́lẹ̀, àtíkù tẹ́ ẹ kọ lórí LinkedIn fúnra ẹ̀, líǹkì láti ibòmíì, tàbí fáìlì àti àwòrán tó wà lórí fóònù tàbí kọ̀mpútà yín.

Nǹkan mélòó ni kí n fi síbẹ̀?

Mẹ́ta. Mo mọ̀ pé LinkedIn á gbà tó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ ẹ mú fóònù ẹlòmíì kẹ́ ẹ fi wo pírófáìlì yín, ẹ máa rí i pé káàdì àkọ́kọ́ ló hàn dáadáa, èkejì yọ etí díẹ̀, ìyókù ń dúró de ẹni tó máa fi ìka fà á, àwọn tó ń fà á ò sì pọ̀. Ẹ wo àwọn tó ń ta aṣọ ní Ọjà Àtàkúnmọ̀sà níbí ní Iléṣà, gbogbo aṣọ inú ṣọ́ọ̀bù kọ́ ni wọ́n ń kọ́ síta, èyí tó máa dá èèyàn dúró ni wọ́n ń kọ́ síwájú, tẹ́ ẹ bá wá wọlé tán wọ́n á tú ìyókù sílẹ̀ fún yín.

Iṣẹ́ tó kù ò ṣòfò o. Abẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú Experience náà láyè tẹ́ ẹ ti lè so fáìlì tàbí líǹkì mọ́ ọn, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ kó wọn sí.

Èwo ló yẹ kó ṣáájú?

Èyí tó sún mọ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń wá jù lọ, kì í ṣe èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn jù, kì í sì ṣe èyí tó tuntun jù. Mo rí àwọn tó ń wá iṣẹ́ dátà tó jẹ́ pé fọ́tò ọjọ́ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè ló wà nínú káàdì àkọ́kọ́ wọn, fọ́tò yẹn dáa lóòótọ́, àmọ́ kò sọ nǹkankan fún ẹni tó ń wá ẹni tó mọ Excel. Tí àwọn káàdì yín ò bá tò bó ṣe yẹ, ẹ tẹ àmì pẹ́ńsù, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ Reorder sí, ẹ fà wọ́n síbi tẹ́ ẹ fẹ́.

Ẹ̀gbọ́n, mo ní iṣẹ́ tí mo ṣe fún ẹnì kan, ó sì dáa, àmọ́ mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ ọ́ di kéèsì sítọ́dì. Báwo ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́?

Kéèsì sítọ́dì ni ìtàn iṣẹ́ kan: ìṣòro tó wà nílẹ̀, ohun tẹ́ ẹ ṣe, àti ohun tó yí padà. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká ti jókòó dáadáa, torí òun ló ń dá pírófáìlì kan yàtọ̀ sí òmíì.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Ká ní ọmọbìnrin kan wà ní Lágere ní Ifẹ̀ tó ń wá iṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ṣe àyẹ̀wò dátà. Ó bá àǹtí kan tó ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì ṣiṣẹ́. Inú ìwé ẹ̀sásáìsì ni àǹtí yìí ń kọ oògùn tó ń rà sí, kò sì sí bó ṣe lè tètè mọ èyí tí ọjọ́ ẹ̀ ti fẹ́ kọjá, ìgbà tó bá gbọ́wọ́ sórí àtẹ ló ń rí i pé ó ti kọjá, tó sì máa kó o dànù. Ọmọbìnrin yìí bá kó gbogbo oògùn sínú Excel, ó fi ọjọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan máa kọjá sí i, ó wá ṣe é kí ìlà oògùn tó bá ku 90 ọjọ́ sí ìgbà tí ọjọ́ ẹ̀ máa kọjá pọ́n fúnra ẹ̀. Ó tún kọ́ ọmọ tó ń tajà pé èyí tí ọjọ́ ẹ̀ súnmọ́ jù ni kó máa kọ́kọ́ tà, kó tó kan èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ṣe ni pé wọ́n á ya fọ́tò Excel yẹn, wọ́n á gbé e sí Featured, wọ́n á kọ "Iṣẹ́ Excel mi" sábẹ́ ẹ̀. Ẹni tó ń wò ó lÉkòó tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù á kàn rí àwọ̀ pupa àti nọ́ńbà, á sì kọjá lọ. Kò mọ ìṣòro tó wà nílẹ̀, kò mọ ohun tó yí padà.

Ojú ewé mẹ́fà tó fẹ̀ lápá, bíi síláìdì, tó fún un. Ewé kìíní jẹ́ àkọlé nìkan, lẹ́tà ńlá: "Oògùn ń ṣègbé lórí àtẹ: bí ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan ṣe dín in kù pẹ̀lú Excel". Ẹ wo àkọlé yẹn, ìṣòro wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n fi yanjú ẹ̀ wà níbẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ "pọ́tífólíò" níbẹ̀ rárá. Ewé kejì sọ bí nǹkan ṣe rí tẹ́lẹ̀, gbólóhùn mẹ́rin márùn-ún péré: ìwé ẹ̀sásáìsì, iye oògùn tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, iye owó oògùn tí wọ́n ń dà nù lóṣù. Ewé kẹta sọ ohun tí òun gan-an ṣe, kó sì pe ara ẹ̀ ní "mo", torí tó bá kọ "a ṣe", ẹni tó ń kà á á máa ronú pé ta ni "a" yìí, èwo wá ni tiẹ̀ nínú ẹ̀. Tí ẹlòmíì bá wà níbẹ̀ lóòótọ́, kó dárúkọ ipò onítọ̀hún: àǹtí tó ni ṣọ́ọ̀bù ka oògùn, èmi ṣe fáìlì. Ewé kẹrin ni àwòrán fáìlì yẹn, ìlà bíi mẹ́wàá nìkan, kí ojú lè rí i, pẹ̀lú ọfà kan tó tọ́ka sí ìlà tó pọ́n.

Ewé karùn-ún ni èsì, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Ká ní kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, owó oògùn tó ń ṣègbé jẹ́ ₦40,000 lóṣù, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ó ti di ₦12,000. Ohun tó wuni láti kọ ni "mo dín àdánù kù ní ìdá 70 nínú 100", iṣirò yẹn ò burú, ₦28,000 nínú ₦40,000 ni. Àmọ́ ká ní àǹtí yẹn ti dín iye oògùn tó ń rà kù láàárín oṣù yẹn kan náà torí owó ò tó. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kì í ṣe Excel nìkan ló fa gbogbo ìyàtọ̀ yẹn, ó sì yẹ kó wà nínú ewé karùn-ún: "Láàárín oṣù yẹn ṣọ́ọ̀bù náà dín rírà kù, nítorí náà apá kan nínú ìyàtọ̀ yìí lè wá láti ibẹ̀." Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn láti kọ irú ẹ̀, wọ́n rò pé ó máa dín iyì wọn kù. Ẹni tó mọ iṣẹ́ dátà tó bá ka gbólóhùn yẹn á mọ̀ pé ẹni tó kọ ọ́ mọ ohun tó ń ṣe, torí ohun àkọ́kọ́ tóun gan-an máa béèrè ní ìntáfíù nìyẹn.

Ewé kẹfà: orúkọ, ímeèlì, àti ohun tó máa ṣe yàtọ̀ tó bá tún bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ó tán.

Tí kò bá sí nọ́ńbà ńkọ́? Ẹ má fi irọ́ dí i. Ẹ kọ ohun tójú rí: ọmọ tó ń tajà ò pe àǹtí mọ́ kó tó mọ èyí tó yẹ kó tà, tàbí pé wọ́n ṣì ń lo fáìlì yẹn títí dòní láìsí yín níbẹ̀. Kí èèyàn ṣì máa lo nǹkan tẹ́ ẹ ṣe lẹ́yìn tẹ́ ẹ ti lọ, èsì gidi nìyẹn.

Èdè tẹ́ ẹ máa kọ ọ́, èdè tí ẹni tó ń gbani síṣẹ́ ń kà ni, Yorùbá ni mo fi kọ àwọn àpẹẹrẹ tèmi torí àwa tá a jọ wà níbí.

Ṣé kí n gbé fáìlì náà sókè tààrà ni, àbí kí n fi sí Google Drive kí n wá fi líǹkì síbẹ̀?

Méjèèjì ṣeé ṣe, àmọ́ wọn ò rí bákan náà.

Tẹ́ ẹ bá gbé PDF sókè tààrà, inú LinkedIn ló ti máa ṣí, ẹni tó ń wò ó ò ní kúrò níbẹ̀, kò sì sí pé wọ́n ń bi í ní pásíwọ́ọ̀dù kankan. LinkedIn ń gba fáìlì tó tó 100 MB àti ojú ewé 300, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́ ẹ má sún mọ́ ibẹ̀ rárá, ẹ rántí dátà ẹni tó ń ṣí i. Ti ewé mẹ́fà tá a sọ yẹn, ó yẹ kó kéré sí 5 MB. Tó bá jẹ́ Canva lẹ fi ṣe é, ẹ mú PDF Standard nígbà tẹ́ ẹ bá ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀, PDF Print wúwo ju bó ṣe yẹ lọ fún ojú fóònù. Wàhálà ibẹ̀ ni pé tẹ́ ẹ bá rí lẹ́tà kan tí ẹ kọ sódì, ẹ máa yọ ti àtijọ́ kúrò, ẹ máa gbé tuntun sókè, ẹ tún máa kọ àkọlé àti àlàyé padà.

Tó bá jẹ́ líǹkì Drive, ẹ lè tún fáìlì náà ṣe lẹ́yìn káàdì láìfọwọ́ kan káàdì fúnra ẹ̀. Lórí kọ̀mpútà, inú Drive, ẹ wá Manage versions fún PDF yẹn, ẹ gbé tuntun síbẹ̀, líǹkì á ṣì jẹ́ ọ̀kan náà.

Èmi fúnra mi, kéèsì sítọ́dì tó ti parí, mo máa ń ní kí wọ́n gbé e sókè tààrà. Pọ́tífólíò tó ń yí padà lóṣooṣù, líǹkì ló bá a mu.

Ẹnì kan sọ fún mi pé líǹkì mi ò ṣí, tèmi sì ń ṣí dáadáa.

Ó ń ṣí fún yín torí ẹ̀yin lẹ ni ín. Nínú Drive, tí wọ́n bá ti ṣẹ̀dá fáìlì, Restricted ló máa ń wà, ìyẹn ni pé àwọn tẹ́ ẹ fún láyè nìkan ló lè wọlé. Ẹni tó fẹ́ gbà yín síṣẹ́ á tẹ̀ ẹ́, wọ́n á sọ fún un pé kó tọrọ àyè, kò sì ní tọrọ, á kàn pa á dé, ẹ̀yin ò ní gbọ́ láéláé pé ó wá. Mo ka èyí sí ohun tó ń ba Featured jẹ́ jù lọ, mo ti rí i lára ọ̀mọ̀wé, mo ti rí i lára ẹni tó ń ṣe gíráfíìkì.

Ẹ lọ sí Share, níbi tí wọ́n kọ General access sí, ẹ yí i sí Anyone with the link, kẹ́ ẹ sì rí i pé Viewer ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kì í ṣe Editor, torí Editor túmọ̀ sí pé ẹnikẹ́ni lè yí iṣẹ́ yín padà. Lẹ́yìn náà ẹ kópì líǹkì yẹn, ẹ ṣí wíńdò àdáni nínú bíráúsà, èyí tí Chrome ń pè ní Incognito, níbi tí Google ò ti mọ̀ yín, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́bẹ̀. Tó bá ṣí níbẹ̀, á ṣí fún gbogbo ayé. Ẹ tún ṣe é lórí fóònù ẹlòmíì tó ń lo nẹ́tíwọ́ọ̀kì míì, ẹ máa mọ bó ṣe ń pẹ́ tó kó tó ṣí, pàápàá nírọ̀lẹ́ tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ń fà.

Àwòrán tó wà níwájú káàdì mi gé orí àkọlé kúrò. Kí ni mo lè ṣe?

Tó bá jẹ́ PDF, ojú ewé àkọ́kọ́ ló ń di àwòrán káàdì. Tí ewé yẹn bá jẹ́ A4 tó dúró gbọọrọ, bíi lẹ́tà ìwáṣẹ́, káàdì náà fẹ̀ lápá, kò ga, nítorí náà apá kan lára ewé yẹn ò ní hàn. Ìdí tí mo fi sọ pé ewé tó fẹ̀ bíi síláìdì nìyẹn. Ẹ kọ àkọlé sáàárín, kó má sún mọ́ etí, kí lẹ́tà ẹ̀ sì tóbi débi pé tẹ́ ẹ bá sún ojú ewé yẹn kéré tó bíi àtàǹpàkò méjì lórí kọ̀mpútà, ẹ ṣì lè kà á.

Tó bá jẹ́ líǹkì, LinkedIn ló ń lọ mú àwòrán látinú wẹ́ẹ̀bù yẹn, ẹ sì lè tẹ pẹ́ńsù kẹ́ ẹ fi àwòrán tiyín rọ́pò ẹ̀. 1200 sí 627 píksẹ́lì ni ìwọ̀n tó bá a mu. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni wẹ́ẹ̀bù náà, ẹ kúkú tọ́ ọ sọ́nà láti inú kóòdù ẹ̀, kó lè hàn dáadáa níbi gbogbo tí wọ́n bá ti fi líǹkì yẹn ránṣẹ́:

```html
<meta property="og:title" content="Oògùn ń ṣègbé lórí àtẹ">
<meta property="og:image" content="https://example.com/iwaju.png">
```

Tẹ́ ẹ bá ti tún un ṣe tí LinkedIn ṣì ń gbé àwòrán àtijọ́ jáde, kì í ṣe pé kóòdù yín ò dáa, ó ti tọ́jú ti àtijọ́ ni. Ẹ lọ sí linkedin.com/post-inspector, ẹ lẹ líǹkì yín mọ́bẹ̀, ẹ tẹ Inspect, á lọ wò ó tuntun. Lẹ́yìn ìyẹn ẹ yọ káàdì kúrò kẹ́ ẹ tún un fi sí i.

Ọ̀mọ̀wé ni mí ní OAU, mo ní àpilẹ̀kọ tó jáde nínú jọ́nà. Ṣé mo lè gbé PDF ẹ̀ síbẹ̀ tààrà?

Ẹ kọ́kọ́ wo ẹni tó ni ẹ̀tọ́ àdàkọ, sà. Tí jọ́nà náà bá gbé e jáde lábẹ́ láísẹ́ńsì CC BY, ẹ lè gbé e síbẹ̀, kẹ́ ẹ ṣáà dárúkọ ibi tó ti jáde. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti fọwọ́ síwèé gbé ẹ̀tọ́ náà fún wọn, PDF tó ní àmì jọ́nà lórí kì í ṣe tiyín láti pín mọ́, bó tiẹ̀ jẹ́ orúkọ yín ló wà níwájú. Ọ̀pọ̀ jọ́nà gbà kí òǹkọ̀wé pín èyí tí wọ́n ti gbà wọlé àmọ́ tí wọn ò tíì tò fún títẹ̀, àmọ́ kálukú wọn ló ní òfin tiẹ̀ àti ìgbà tẹ́ ẹ máa dúró dà, ó wà lórí wẹ́ẹ̀bù jọ́nà náà, ẹ kà á.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù fún ẹ̀yin olùkọ́ nìyí. Líǹkì DOI, èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú https://doi.org/, kì í bàjẹ́ bí jọ́nà náà bá tiẹ̀ yí wẹ́ẹ̀bù padà, ìdí nìyẹn tó fi dáa ju líǹkì tẹ́ ẹ kópì látorí bíráúsà lọ. Àmọ́ tó bá jẹ́ jọ́nà tí wọ́n ń sanwó kí wọ́n tó kà, ẹni tó tẹ káàdì yín á bá ògiri pàdé. Nítorí náà ẹ ṣe PDF ewé kan péré, ní ọ̀rọ̀ tiyín, láìkópì àkótán tó wà nínú jọ́nà: ìbéèrè tẹ́ ẹ wádìí, ibi tẹ́ ẹ ti ṣe é àti lára àwọn wo, ohun tẹ́ ẹ rí, ibi tí ìwádìí náà mọ, àti DOI nísàlẹ̀ pẹ̀lú orúkọ gbogbo ẹni tẹ́ ẹ jọ kọ ọ́. Ewé yẹn lẹ máa gbé sí Featured.

Tẹ́ ẹ bá pọ̀ tẹ́ ẹ kọ ọ́, ẹ sọ apá tiyín nínú àlàyé káàdì. Ọ̀pọ̀ jọ́nà ló ti ní kẹ́ ẹ kọ ohun tí òǹkọ̀wé kọ̀ọ̀kan ṣe, ẹ kúkú mú u níbẹ̀: "Èmi ni mo kó dátà jọ tí mo sì ṣe iṣirò, ọ̀gá mi ló gbé ìwádìí kalẹ̀." Bí ọ̀gá yẹn bá kà á, inú ẹ̀ ò ní bàjẹ́.

Àkọlé káàdì, ẹ má lo àkọlé jọ́nà tó gùn bí ìlà ọkọ̀ epo. Ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí. Ìyókù àpilẹ̀kọ yín, ẹ lọ tò wọ́n sí Publications, ó wà nínú Add profile section lábẹ́ Additional, ibẹ̀ ló lè gba gbogbo wọn láìsí wàhálà.

Oníbàárà mi ò fẹ́ kí èèyàn mọ ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù òun. Ṣé mo ṣì lè lo iṣẹ́ náà?

Ẹ lè lò ó tó bá gbà, kẹ́ ẹ sì gba ìyẹn lákọsílẹ̀, mẹ́séèjì WhatsApp kan tó sọ pé "mo gbà kí o lò ó láìdárúkọ mi" ó tó láti fi rántí lẹ́yìn ọ̀la. Ẹ kọ "ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan ní Ifẹ̀" dípò orúkọ ẹ̀. Tó bá jẹ́ dátà aláìsàn tàbí oníbàárà ló wà nínú ẹ̀, orúkọ, nọ́ńbà fóònù, oògùn tí wọ́n rà, ẹ yọ ọ́ pátápátá. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti 2023 wà nílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìlera èèyàn sì wà lára èyí tí òfin náà ṣọ́ jù.

Ohun kan wà níbí tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi bọ́kìsì dúdú bo orúkọ nínú síláìdì kẹ́ ẹ tó sọ ọ́ di PDF, ojú nìkan lẹ bò, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ dán an wò: ẹ ṣí PDF náà lórí kọ̀mpútà, ẹ fi máósì fa orí bọ́kìsì dúdú yẹn, ẹ kópì, ẹ lẹ̀ ẹ́ sínú Word. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni orúkọ máa ń yọ jáde. Ọ̀nà tó dájú ni kẹ́ ẹ pa orúkọ yẹn rẹ́ nínú Excel fúnra ẹ̀, kẹ́ ẹ kọ "Oníbàárà A", "Oníbàárà B", kẹ́ ẹ tó ya àwòrán ẹ̀. Ẹ má sì gbé fáìlì PowerPoint síbẹ̀, torí gíráàfù tó wà nínú ẹ̀ lè gbé odindi Excel rù sínú, PDF ni kẹ́ ẹ lò.

Mi ò tíì ṣiṣẹ́ fún ẹnikẹ́ni, akẹ́kọ̀ọ́ ni mí.

Pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá yín jẹ́ iṣẹ́. Ẹ má gbé odindi ìwé ọgọ́rùn-ún ojú ewé síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa kà á, ẹ sọ ọ́ di ewé mẹ́fà bí èyí tí mo sọ lókè. Tàbí kẹ́ ẹ wá iṣẹ́ gidi kékeré tó wà lágbègbè yín, màmá tó ń ta gààrí ní Ìmọ̀ tí kò mọ èyí tó ń mówó wọlé jù nínú ọjà ẹ̀, ẹ bá a kọ ọ́ sílẹ̀ fóṣù kan. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kẹ́ ẹ fi sátífíkéètì kọ́ọ̀sì kún gbogbo Featured, ìyẹn ní àyè tiẹ̀ lábẹ́ Licenses & certifications.

Pósítì mi kan làwọn èèyàn fẹ́ràn gan-an, ṣé kí n fi síbẹ̀?

Tó bá jẹ́ pé ó ṣàlàyé iṣẹ́ yín, bẹ́ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá pa pósítì náà rẹ́, káàdì á lọ pẹ̀lú ẹ̀, àmọ́ tẹ́ ẹ bá yọ ọ́ kúrò ní Featured nìkan, pósítì á ṣì wà níbi tó wà.

Kí ni kí n kọ síbi àlàyé káàdì?

Gbólóhùn méjì. Àkọ́kọ́ sọ ohun tẹ́ ẹ ṣe àti ohun tó yí padà, èkejì sọ ohun tó wà lẹ́yìn káàdì àti bó ṣe gùn tó. Ti ọmọ Lágere yẹn: "Mo fi Excel ran ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan lọ́wọ́ láti mọ oògùn tí ọjọ́ ẹ̀ fẹ́ kọjá kó tó kọjá. PDF ewé mẹ́fà, ó ní àwòrán fáìlì náà àti èsì oṣù mẹ́ta." Ẹni tó bá mọ̀ pé ewé mẹ́fà péré ni, ó máa ń tètè tẹ̀ ẹ́ ju ẹni tí kò mọ ohun tó ń bọ̀ lọ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́?

Ẹ fún ẹnì kan tí kò mọ iṣẹ́ yín ní fóònù, kì í ṣe ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ kàwé, ẹ ní kó wo Featured yín fún bíi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá láìtẹ nǹkankan, kẹ́ ẹ gba fóònù yín, kẹ́ ẹ wá bi í pé "Irú iṣẹ́ wo lo rò pé mò ń ṣe?" Tó bá sọ pé "ó dà bíi pé kọ̀mpútà ni", àkọlé káàdì àkọ́kọ́ ò tíì sọ̀rọ̀, ẹ tún un kọ. Tó bá sọ pé "o máa ń bá àwọn oníṣọ́ọ̀bù tọ́jú ọjà kó má bàjẹ́", ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ní kó tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ máa wo ìka ẹ̀, ewé tó bá ti dúró tó ń fi ìka méjì fẹ ojú rẹ̀, lẹ́tà ibẹ̀ kéré jù nìyẹn.

Àmì míì ni ọ̀rọ̀ táwọn èèyàn fi ń kàn sí yín. Tí ẹni tó kọ̀wé sí yín bá mẹ́nu ba oògùn, ṣọ́ọ̀bù, tàbí oṣù mẹ́ta yẹn, ó ti ka iṣẹ́ náà. Tó bá kàn ní "mo rí pírófáìlì rẹ", kò tíì ṣí i.

Ìgbà wo ni kí n yọ nǹkan kúrò?

Nígbà tí iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń wá bá yí padà, tàbí tẹ́ ẹ bá ti ní èyí tó dáa jù ú lọ. Kí káàdì tuntun kan tó wọlé, ẹ yọ ọ̀kan kúrò, kó má ju mẹ́ta lọ. Tó bá jẹ́ líǹkì wà níbẹ̀, ẹ máa ṣí wọn nínú wíńdò àdáni lẹ́ẹ̀kan lóṣù, pàápàá tó bá jẹ́ ímeèlì ilé ẹ̀kọ́ lẹ fi ṣí Drive yẹn, torí lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá kẹ́kọ̀ọ́ gboyè, ilé ẹ̀kọ́ lè ti àkáǹtì náà, gbogbo fáìlì tó wà níbẹ̀ á sì bá a lọ. Ẹ kó wọn sí ímeèlì ara yín kẹ́ ẹ tó kúrò ní kámpọ́ọ̀sì.